Ẹni tí ẹgbẹ́ rán lọ Kútọnù ti dé: báwo la ṣe ń yẹ ìwé ìnáwó rẹ̀ wò?

Ẹni tí ẹgbẹ́ rán lọ sí ìpàdé ní Kútọnù ti dé. Ó gbé ìwé ìnáwó rẹ̀ fún akápò. Ẹ̀gbọ́n ni, akápò sì jẹ́ àbúrò. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí akápò bá béèrè rèsú, ẹ̀gbọ́n á ní wọ́n ń pe òun lólè. Tí kò bá sì béèrè, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ní àwọn méjèèjì ti jọ jẹ owó. Ohun tó lè gbà wọ́n ni òfin ìrìnàjò tí gbogbo ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ olóko kájú kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Òfin wọn kò ju ìlà mẹ́rin lọ:

- Takísí láti ìlú dé ìlú: iye tí èèyàn san, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì.
- Sémì nínú ìlú: kò gbọdọ̀ ju 1 500 sẹ́fà lọ lóòjọ́. Àwọn onísémì kì í fúnni ní rèsú, nítorí náà kí èèyàn kọ ibi tó lọ àti iye tó san sílẹ̀.
- Ilé tí a sùn: kò gbọdọ̀ ju 10 000 lọ lóru kan, pẹ̀lú rèsú.
- Oúnjẹ: 3 000 lóòjọ́. Iye kan náà ni fún gbogbo èèyàn, a kì í béèrè rèsú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n lọ ní Ìṣẹ́gun, ó dé ní Ọjọ́bọ̀: ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì. Wọ́n ti fún un ní 40 000 kó tó lọ. Ìwé tó mú wá sọ pé takísí àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 7 000, sémì 5 500, òtẹ́ẹ̀lì 24 000, oúnjẹ 9 000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45 500.

Akápò mú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin. Ní ti takísí, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ wà, ti àbọ̀ kò sí: 3 500 kò ní ìwé. Ní ti òtẹ́ẹ̀lì, rèsú wà, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ bá ọjọ́ ìrìnàjò mu, òǹtẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ 12 000 ni lóru kan, ó fi 2 000 ju òfin lọ, òru méjì sì jẹ́ 4 000. Oúnjẹ kò ní wàhálà.

Sémì ló máa ń tan èèyàn jẹ. Tí ẹ bá wo àpapọ̀ nìkan, 1 500 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 4 500, ẹ ó ní 1 000 ló lé. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé «lóòjọ́». Ó ná 1 000 ní Ìṣẹ́gun, 3 000 ní Ọjọ́rú, 1 500 ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ní Ìṣẹ́gun kò lè bo ti Ọjọ́rú. 1 500 ló lé.

Àmì tí akápò fi sí wọn jẹ́ 9 000 lápapọ̀. 36 500 mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n àṣìṣe méjèèjì kò jọra, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Ìwé tí kò sí, a lè wá a, tàbí kí ẹni náà kọ ìwé ìjẹ́rìí kó sì fọwọ́ sí i. Owó tó ju òfin lọ, rèsú kò lè tún un ṣe. Akápò kò ní àṣẹ láti gbà á, kò sì ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ ló ni ín.

Akápò wá sọ pé: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀. Mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ yín. Sémì Ọjọ́rú sì ju ti òfin lọ, kí ló fà á?»

«Àbúrò, tíkẹ́ẹ̀tì náà sọnù sínú ọkọ̀. Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbé ìpàdé lọ sí Kàlàfí, ó jìnnà.»

Ó kọ ìwé ìjẹ́rìí fún takísí, wọ́n sì gbà á, torí pé iye náà bá ti àlọ mu. Ìgbìmọ̀ gba 1 500 ti sémì, torí pé ìwé ìpàdé fi hàn pé ibi ìpàdé yí padà. Wọ́n kọ 4 000 ti òtẹ́ẹ̀lì: kò pe ẹnikẹ́ni kó tó gba yàrá náà. Ohun tí wọ́n gbà wá jẹ́ 41 500. Ó ti gba 40 000 tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ wá fún un ní 1 500.

Lẹ́yìn náà, akápò kọ «a ti san» àti ọjọ́ náà sórí rèsú kọ̀ọ̀kan, kí ìwé kan náà má baà tún padà wá gbowó lóṣù tó ń bọ̀.