Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àgbà: Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ètò Ìsìn

Bí olóòtú ètò bá pe ọmọ olóògbé síwájú níbi òkú àgbà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń kà ni ọjọ́ ìbí bàbá, ilé ìwé tó lọ, oyè tó jẹ nínú ìjọ àti iye ọmọ tó bí. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé ètò ìsìn tó wà lọ́wọ́ èrò. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa fi ìwé náà fẹ́ra.

Ìtàn kúkúrú ni èrò ń retí. Ká ní télọ̀ ni bàbá. Bí ọmọ bá ní, "Bàbá mi lawọ́," bàbá ta ni kò lawọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú? Ṣùgbọ́n kó ní: "Bí Kérésì bá ku ọ̀la, tí oníbàárà ti lọ tán, bàbá wa á tan àtùpà, wọ́n á máa fi aṣọ tó ṣẹ́kù rán ṣòkòtò fún àwọn ọmọ opó ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ìyá wọn bá mú owó wá, wọ́n á ní ẹ̀rọ àwọn ló ń ṣeré." Ìmoore ti dé nìyẹn.

Kó má fi ibi tí bàbá ti le pa mọ́. Bó bá ní bàbá kò bínú rí, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á máa wojú ara wọn. Kó ní bàbá á fi téèpù na ọmọ iṣẹ́ tó bá fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, àmọ́ bàbá náà ló máa san owó aṣọ. Ẹ̀rín á sọ. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti ìjà orogún ni kó fi sílẹ̀ sílé. Ẹnu àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí gan-an ni kó ti lọ gbọ́ ìtàn, nítorí ìwà bàbá nínú ilé nìkan ni ọmọ mọ̀.

Ẹkún ńkọ́? Wọ́n á ní òkú àgbà kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Lóòótọ́ a ó jó, ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ kú ní 85 ọdún náà kò ní bàbá mọ́. Ibí ni ọmọ á ti kọjú sí pósí, tí á bá bàbá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ̀rọ yín ṣì wà lójú fèrèsé. A ò tíì mọ ẹni tó máa jókòó sí i." Gbólóhùn méjì bẹ́ẹ̀ ti tó, lẹ́yìn rẹ̀ ni oríkì. Kó lọ bi ẹ̀gbọ́n bàbá léèrè rẹ̀ ṣáájú. Bó bá jẹ́ ìyá ló kú, ilé bàbá ìyá ni kó ti béèrè, nítorí obìnrin kì í fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wọ ilé ọkọ.

Ìṣẹ́jú 5 tó fún gbogbo èyí. Kí àbúrò kan mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, bóyá ohùn á há. Ní ti ìdílé Mùsùlùmí, tí wọ́n máa ń yára sin òkú, ọjọ́ fìdáù ni àyè ọ̀rọ̀ báyìí sábà máa ń wà.