Nǹkan Oṣù Tí Ó Kọjá Ọjọ́ Méje

Nígbà tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, ilé-ọmọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ a máa tẹ́ ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣooṣù de oyún, gẹ́gẹ́ bí adìẹ ti í tẹ́ ìtẹ́ de ẹyin. Bí oyún kò bá dé, ìtẹ́ náà a ya, a sì bá ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Èyí ni a ń pè ní nǹkan oṣù tàbí àṣẹ́. Ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 7 ni ó máa ń gbà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń dà kì í sábà ju ṣíbí ìmutíì 8 lọ. Bí ó bá kọjá ṣíbí 16, ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ṣíbí wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀? Nítorí náà, ọjọ́ ni a máa ń kà, a sì máa ń ka iye páàdì tàbí aṣọ tí a pààrọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ni ẹ̀jẹ̀ yìí, pé bí ó bá ti ń dà tó ni ara ń mọ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú iṣan wa náà ni, èròjà irin sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dà ju bí oúnjẹ ti lè dá a padà lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ ọdún 13 ni, tí ó ń gbé ní Kémta ní Abẹ́òkúta, tí ìyá rẹ̀ sì ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Oṣù 10 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù. Kò rí i fún oṣù 2, lẹ́yìn náà ni ó dé, tí kò sì dá mọ́. Ó kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 àkọ́kọ́, ó ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí méjì méjì, ó sì ń jí lẹ́ẹ̀mejì lóru nítorí rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejìlá, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Nígbà tí ó bá ń gun òkè bọ̀ láti ilé-ìwé, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Kí ni ó fa èyí? Oríṣi èròjà méjì ni ó ń ṣe àkóso ìtẹ́ inú ilé-ọmọ, họ́mọ̀nù sì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Èkíní ń mú kí ìtẹ́ náà nípọn. Èkejì ń mú kí ó dúró ṣinṣin. Nígbà tí ó bá sì lọ sílẹ̀, ìtẹ́ náà a ya lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ a sì dá. Ṣùgbọ́n èkejì yìí kì í jáde tó àfi bí ẹyin bá bọ́ láti inú àpò-ẹyin obìnrin. Ní ọdún 2 tàbí 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbàlágà, ẹyin kì í bọ́ lóṣooṣù. Èkíní a wá máa dá ṣiṣẹ́, ìtẹ́ a máa nípọn sí i láìní alátìlẹyìn, títí yóò fi máa ya ní ègé ní ègé. Òní ni ibí ya, ọ̀la ni ọ̀hún ya. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ kò fi tètè dá. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù nìyí láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì sábà máa ń lọ bí ọjọ́ orí ti ń gorí ọjọ́ orí.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ rò pé òun náà ni nígbà gbogbo. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì dáadáa láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ní ọdún 1924, dókítà kan ní Hẹlisínkì, ní ilẹ̀ Fíńláǹdì, Erik von Willebrand, ṣe àyẹ̀wò ọmọbìnrin ọmọ ọdún 5 kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dà púpọ̀. Àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ ní irú àìsàn kan náà. Ọmọ náà dàgbà títí ó fi bàlágà, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù rẹ̀ ẹ̀kẹrin ni ó pa á. Orúkọ dókítà yìí ni a fi ń pe àìsàn náà títí di òní, oògùn rẹ̀ sì ti wà. Ọmọbìnrin tí imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọgbẹ́ kékeré kì í tètè dá lára rẹ̀, tàbí tí ìyá rẹ̀ ní irú ìṣòro yìí, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà.

Ní ti àwọn àgbà obìnrin, kókó inú ilé-ọmọ tí a ń pè ní fáíbírọ́ìdì sábà máa ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọ-bíbí lè fà á pẹ̀lú. Oyún tí ó fẹ́ bàjẹ́ sì lè fara jọ nǹkan oṣù gígùn. Nítorí èyí ni dókítà fi máa ń béèrè nípa oyún lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá ti bàlágà. Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ká ní ìyá ọmọ wa yìí mú un lọ sí ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, tàbí sí èyí tí àwọn àlùfáà Àgùdà dá sílẹ̀ ní Lántòrò ní ọdún 1895. Dókítà yóò wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá wọ́n funfun. Yóò béèrè iye ọjọ́ àti iye páàdì. Ohun tí ọmọ náà kọ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ yóò sì wúlò gidigidi. A ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nítorí oyún, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó, àti bóyá ó ń dì bí ó ti yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ àgbà obìnrin bá tó, a máa ń bá 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100. Ká ní a bá 24 lára ọmọ yìí. Dókítà lè fún un ní oògùn họ́mọ̀nù tí yóò mú ìtẹ́ náà dúró, àti oògùn irin. A máa ń lo irin fún nǹkan bí oṣù 3 sí i lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé. Ọsàn mímu ń ràn án lọ́wọ́, tíì sì ń dí i lọ́wọ́. Bí ìgbẹ́ bá dúdú nítorí rẹ̀, kì í ṣe àrùn. Dókítà yóò sì kìlọ̀ pé kí ó má lo asipirín fún inú rírun, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Nígbà wo, nígbà náà, ni a óò lọ? Bí nǹkan oṣù bá kọjá ọjọ́ 7 ní oṣù 2 tàbí 3 léraléra, bí ó bá ń jí ènìyàn lóru, tàbí bí dídì ẹ̀jẹ̀ tí ó tóbi ju íńṣì 1 lọ bá ń jáde, kí a lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí páàdì bá ń kún ní wákàtí kan fún wákàtí 2 léraléra, bí òòyì bá ń kọ́ni tàbí tí a dákú, bí àyà bá ń já tí èémí kò sì tó, tàbí bí oyún bá lè wà níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí a lọ, ìbáà ṣe ọjọ́ kejì tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú bá ń tì láti sọ fún bàbá, kí ó sọ fún ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tàbí olùkọ́ obìnrin, kí ó sì mú ìwé tí ó kọ ọjọ́ sí dání.