Wáìnì Tó Ṣẹ́ Kù: Ìgò Kékeré Ṣe É Ju Ẹ̀rọ Olówó Ńlá Lọ

Ìgò wáìnì tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà máa ń gba sẹ̀ńtílítà 75, ìyẹn bíi ife márùn-ún. Bí tọkọtaya bá ṣí i lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí kálukú wọn sì mu díẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́ kù á ju ìdajì lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ni pé wọ́n á ki kọ́ọ̀kì padà sẹ́nu ìgò, wọ́n á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ọjọ́ tí àlejò bá dé. Nígbà tí wọ́n bá bù ú fún àlejò náà, á tọ́ ọ wò, á sì rọra gbé ife sílẹ̀. Onílé á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú kọ́. Afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́.

Ọ̀nà méjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà ba wáìnì jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé ọ́síjìn inú rẹ̀ ń yí àwọn èròjà inú wáìnì padà. Á sọ díẹ̀ lára ọtí inú rẹ̀ di ohun mìíràn tó ń rùn bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ tó ti ń dúdú, òórùn èso tó ń mú wáìnì dùn á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ìkejì ni ti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan. Ọ́síjìn làwọn náà fi ń ṣiṣẹ́. Níbi tí kò bá sí, ọwọ́ wọn kò lè tẹ nǹkan kan. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì yìí nínú ìwé tó kọ lórí wáìnì ní ọdún 1866. Irú àwọn kòkòrò yẹn wà lára ohun tó ń mú kí ẹmu tó dùn láàárọ̀ kan lọ́jọ́ kejì. Wáìnì kì í tètè kan tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ní ekan tirẹ̀ láti ilẹ̀, ọtí inú rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ń fa ọwọ́ àwọn kòkòrò náà sẹ́yìn, àmọ́ kò dá wọn dúró.

Ooru ló ń mú iṣẹ́ méjèèjì yá. Bí a bá fojú díwọ̀n rẹ̀, gbogbo ìgbà tí wáìnì bá tutù sí i ní ìwọ̀n mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ni ìbàjẹ́ rẹ̀ ń dín eré kù sí ìdajì. Yàrá kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè gbóná dé ìwọ̀n 30. Inú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà ní bíi 5. Nítorí náà, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wáìnì láàárín ọjọ́ kan lórí tábìlì lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún nínú fíríìjì. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bá ń sọ pé kí wáìnì pupa wà nínú yàrá, yàrá tiwọn ni wọ́n ń sọ, ibi tí òtútù ti ń mú. Nílẹ̀ wa, àti pupa àti funfun, inú fíríìjì ni àyè wọn lẹ́yìn tí a bá ti ṣí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mu pupa, ẹ gbé e jáde ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú, òtútù rẹ̀ á ti rọlẹ̀.

Ẹ̀yìn òtútù, ohun tó kù láti bójú tó ni afẹ́fẹ́ tó wà lókè wáìnì nínú ìgò. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa. Ká ní wọ́n mu sẹ̀ńtílítà 25 lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ku 50. Àyè tí 25 yẹn fi sílẹ̀ ti kún fún afẹ́fẹ́, nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ sì ni ọ́síjìn. Sẹ̀ńtílítà márùn-ún ọ́síjìn ló dùbúlẹ̀ lórí wáìnì yẹn, ó sì pọ̀ tó láti bà á jẹ́ pátápátá. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n dá padà kò yọ ìkankan níbẹ̀; ṣe ló ti afẹ́fẹ́ mọ́lé pẹ̀lú wáìnì.

Ibí yìí ni ìgò kékeré ti wúlò. Ẹ wá ìgò tó gba sẹ̀ńtílítà 50 tó ní ìdérí tí a lè yí pa. Èyí tó jẹ́ gíláàsì ló dára jù. Ìgò ike tí wọ́n ń ta omi sínú rẹ̀ lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ike ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo ìgò ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, òórùn rẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ìgò náà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Gbàrà tí ẹ bá ṣí wáìnì, kí ẹnikẹ́ni tó bu tiẹ̀, ẹ ki àrọ bọ ẹnu ìgò kékeré náà, kí ẹ rọra da wáìnì sí i kó máa gba ẹ̀gbẹ́ ìgò lọ sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa ta, nítorí títa yẹn ni afẹ́fẹ́ ń bá wọlé. Ẹ jẹ́ kó kún títí á fi ku ìwọ̀n ìbú ìka kan sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ yí ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìgò ńlá lẹ máa mu lálẹ́ ọjọ́ náà.

Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò kékeré yẹn kò tó sẹ̀ńtílítà kan, ọ́síjìn inú rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ẹ fi wé sẹ̀ńtílítà márùn-ún tó wà nínú ìgò ńlá. Ìdí nìyẹn tí wáìnì tí wọ́n tọ́jú báyìí fi lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí adùn rẹ̀ má yẹ̀, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, ìgò tó kún kò ní fi bẹ́ẹ̀ jìyà, nítorí pé ọ́síjìn tó máa bá a jà kò sí níbẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún ni kí a ti ṣe é. Wáìnì tó ti wà ní ṣíṣí fún wákàtí méjì, tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀, ti fa afẹ́fẹ́ mu, ìgò kékeré kò sì lè yọ èyí tó ti wọnú rẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú wáìnì onípáálí, èyí tí Thomas Angove, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, gba ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ní ọdún 1965. Àpò ọ̀rá ló wà nínú páálí náà. Bí wáìnì ṣe ń jáde ni àpò náà ń sún kì, afẹ́fẹ́ kò rí àyè wọlé. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú fíríìjì.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde ńkọ́, èyí tó ní ìdérí rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ fà? Ó sàn ju kọ́ọ̀kì lásán lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Kò sí èyí tí a ń fọwọ́ fà nílé tó lè fa afẹ́fẹ́ inú ìgò tán. Ká tiẹ̀ ní ó fa ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọ́síjìn tó máa kù lórí wáìnì tọkọtaya wa á ju sẹ̀ńtílítà kan lọ, ìyẹn sì ju ìlọ́po márùn-ún ti ìgò kékeré. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, afẹ́fẹ́ á tún máa jò wọlé ní òru.

Gáàsì inú agolo, tí a ń fọ́n sínú ìgò kí a tó dé e, ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ágọ́nì, náítírójìn àti gáàsì kábọ́nì ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì lé ọ̀pọ̀ nínú ọ́síjìn jáde. Kí èèyàn fọ́n ọn, kó sì dé ìgò kíá. Èyí tó wọ́n jù ni ẹ̀rọ Coravin, tó dé ọjà ní ọdún 2013. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gún kọ́ọ̀kì kọjá, ágọ́nì á wọlé, wáìnì á jáde, láìṣí ìgò rárá. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ ẹni tó ní ìgò olówó iyebíye tó fẹ́ máa mu ife kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ oṣù ló wà fún. Owó rẹ̀ kò bá wáìnì ọjọ́ Sátidé mu.

Ṣáńpéènì àti wáìnì mìíràn tó ń hó yàtọ̀. Ẹ má fa afẹ́fẹ́ inú wọn, nítorí ìhó wọn lẹ máa fà jáde. Àwọn kan gbà pé bí a bá ki ìdí ṣíbí fàdákà bọ ẹnu ìgò, kò ní dákẹ́ híhó. Ní ọdún 1994, Richard Zare, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Stanford, àti òǹkọ̀wé Harold McGee dán an wò, ṣíbí kò sì ṣe nǹkan kan. Òtútù fíríìjì ló ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń gbé oríyìn rẹ̀ fún ṣíbí, nítorí pé gáàsì kì í tètè kúrò nínú ohun tó bá tutù. Ìdérí onírin tó ń fi apá méjì di ọrùn ìgò mú ni kí ẹ rà; á fún yín ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Ẹni tó bá kàn dé ìgò ńlá padà tó gbé e sí fíríìjì, kó ka ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún fún pupa tàbí funfun, kó sì fi díẹ̀ kún un bó bá dùn gan-an. Wáìnì tó ti dàgbà gan-an nínú ìgò lè rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Pọ́ọ̀tù, tí wọ́n fi ọtí líle kún, lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti erékùṣù Màdéírà lè lo ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé ooru àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti fi sè é láti ilẹ̀.

Wáìnì tí kò ní ọtí nínú, èyí tó pọ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́sìn, kò sí lábẹ́ òfin wọ̀nyí. Omi èso aládùn ni, kò sì ní ọtí tó máa dáàbò bò ó. Ẹ gbé e sí fíríìjì lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìjẹ́ pé ó ń hó tẹ́lẹ̀, tàbí tí funfun bá hù lójú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Wáìnì gidi tó bá ti bàjẹ́ kì í ṣe májèlé. Adùn rẹ̀ ló kàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan tàbí bí ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ́sì kúrò léèékánná, ó ti lọ. Bí funfun bá ti pọ́n bí oyin, tàbí tí etí pupa bá ti dà bí àwọ̀ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ náwó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ wá ìgò gíláàsì kékeré méjì tó ní ìdérí, kí ẹ ra àrọ kan, kí ẹ sì máa kún wọn kí ẹ tó bu ife àkọ́kọ́.