Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Awọ Kì í Dí

Bí télọ̀ bá rán ànkárá tí kò gún, yóò tú u, yóò wọ́n omi sí i, yóò lọ̀ ọ́, ojú ìrán àtijọ́ yóò sì pòórá. Awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́dà oníke tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ lẹ́yìn náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ máa ń dá wọn lu ni, ihò náà kò sì ní dí mọ́ láé.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọwọ́ báàgì ti pàdé ara báàgì, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń ya. Ọ̀pọ̀ aránṣọ rò pé bí ojú ìrán bá ṣe súnmọ́ra tó ni yóò ṣe lágbára tó. Lára awọ, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ojú ìrán kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà 1.5, nǹkan bí ihò 67 ni yóò wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, awọ náà yóò sì já bí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lu sílẹ̀ kó lè rọrùn láti ya. Ẹ fi í sí mìlímítà 3.5, ihò náà kò ní ju bí 29 lọ.

Abẹ́rẹ́ awọ gidi ní ẹnu tó ń gé. Nọ́ńbà 90/14 wà fún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 110/18 fún èyí tó nípọn. Ẹ má fi í rán lẹ́dà oníke, yóò gé òwú aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀, ihò á sì fẹjú. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí wọ́n fi ń rán jíǹsì, ló bá a mu.

Ẹ má lo píìnì, gọ́ọ̀mù oníbàtà ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá fẹ́ rán ìdí ọwọ́ báàgì ní mìlímítà 3 sí etí, ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 6 wọlé. Ẹ fi í fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú méjèèjì, ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka, kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá dé ọ̀nà abẹ́rẹ́ yóò dì mọ́ ọn, maṣíìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú ìrán.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á gan-an. Bí ihò bá ń là, ẹ fi kún gígùn ojú ìrán. Bí ẹsẹ̀ maṣíìnì bá ń lẹ̀ mọ́ lẹ́dà, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ sí i lójú, ẹ ya á kúrò lẹ́yìn náà. Níparí, ẹ má rán padà sẹ́yìn: ẹ fi òwú sílẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn awọ, ẹ ta á ní kókó.

Bí òwú bá sì já lágbedeméjì, ẹ fi ọwọ́ yí maṣíìnì díẹ̀díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ wọ inú ihò àkọ́kọ́ gan-an, kí ó tún gba ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ.