Lẹ́tà Gígùn Lánlọ́ọ̀dù Di Ìkéde Oní-nọ́ńbà

 

Ọ̀rọ̀ ìlà ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Alẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ni Alhaji onílé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, ó kọjá sórí olè tó jí ẹ̀rọ ìlọta gbé, ó kan ẹ̀gbin, ó kan ọmọ tí iná fẹ́ jó. Ibi tó ká wa lára jù nìyí:

“...ẹ ò lè sọ pé mi ò ṣe dáadáa fún yín o, ṣùgbọ́n láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀ géètì á máa wà ní títì ní aago 7, iná dídá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ti tó gẹ́ẹ́, 6,000 ni ẹ máa san fún géètì àti ilẹ̀ gbígbá, nǹkan ti wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀, láti oṣù tó ń bọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù ti di 180,000, ẹni tí kò bá lè san kó kó ẹrù rẹ̀ jáde...”

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ariwo ti sọ. Àwọn kan ní Mọ́ńdè ọ̀la ni géètì á bẹ̀rẹ̀ sí í tì, àwọn kan ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì ni. Ìyá kan tó ti sanwó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ìparí oṣù kẹta ọdún 2026 ń wá ibi tó máa ti yá owó kí oṣù kẹwàá tó wọlé. 120,000 ni owó ọdún kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a lọ bá Alhaji, wọn ò bínú. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi tún un kọ, màá fọwọ́ sí i.”

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé bó ṣe wà gan-an, láìyọ kúrò, láìfi kún un, a sì kọ ọjọ́ tó wọlé sórí rẹ̀. Ìyẹn la tọ́jú, torí tí ìjà bá dé, òun ni gbogbo wa máa padà sí. Lẹ́yìn náà la mú báírò, a fa ilà sábẹ́ ibi tó bá ti pàṣẹ, tó bá ti dárúkọ owó, tàbí tó bá ti sọ ìgbà. Ọ̀rọ̀ olè àti ti ọmọ náà, a fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe òfin.

A wá bi ibi tí a fa ilà sí kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ló kàn, kí ló gbọ́dọ̀ ṣe, èló ni, láti ọjọ́ wo? Ibi ọjọ́ yìí ni àṣírí ti tú. “Tó ń bọ̀” kì í ṣe ọjọ́. Ẹni tó bá kà á ní Sọ́ńdè àti ẹni tó bá kà á ní Wẹ́sídè kò ní ka ohun kan náà. A kò gbọdọ̀ fi orí ara wa dáhùn, nítorí tí akọ̀wé bá méfò, òfin akọ̀wé ló di. Ìbéèrè náà la gbé padà lọ bá Alhaji.

Ẹ wo ìdáhùn o. Mọ́ńdè ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ni wọ́n ní lọ́kàn. 6,000 yẹn, 5,000 jẹ́ ti géètì, ẹ̀ẹ̀kan péré. 1,000 ni ti ilẹ̀ gbígbá, lóṣooṣù. Àwọn kan ti ń ṣètò láti máa san 6,000 lóṣooṣù! Ní ti owó ṣọ́ọ̀bù, a bi wọ́n pé ẹni tó ti san dé oṣù kẹta ńkọ́? Wọ́n ní, “Háà, mi ò lè gbowó lé owó. Tí tirẹ̀ bá tán ni.” Bí ìkéde náà ṣe jáde rèé:

ÌKÉDE FÚN ṢỌ́Ọ̀BÙ 1 SÍ 14
Tọ́sìdeè, ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2025

1. Láti Mọ́ńdè, ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 2025, a ó máa ti géètì ní aago 7 alẹ́. Ẹni tó bá máa pẹ́ yóò sọ fún ọlọ́dẹ kí aago 6 tó lù.

2. Láti Mọ́ńdè, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2025, a kò gbọdọ̀ dáná níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ni ààyè ìdáná.

3. Owó géètì jẹ́ 5,000 náírà fún ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Fúráìdè, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2025, ni ọjọ́ ìkẹyìn láti san án.

4. Láti oṣù kọkànlá 2025, owó ilẹ̀ gbígbá jẹ́ 1,000 náírà lóṣù fún ṣọ́ọ̀bù kan. A ó máa san án láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 5.

5. Owó ṣọ́ọ̀bù yóò di 180,000 náírà lọ́dún, nígbà tí èyí tí oníṣọ́ọ̀bù ti san bá tán. Ẹni tó san dé ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2026, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2026 ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ la fi ṣíwájú. Òfin kan, nọ́ńbà kan, kó má baà sí pé a gba apá kan, a kọ apá kejì, a ò sì mọ ohun tí à ń pè é. Ìyá alákàrà kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, ó kàn ní, “Nọ́ńbà 2 ló kàn mí, mo fẹ́ kí wọ́n bò ó nítorí òjò.” Wọ́n fi páànù bò ó.

Ọ̀rọ̀ “kó kó ẹrù rẹ̀ jáde” kò sí nínú ìkéde, àwa kọ́ la sì dédé yọ ọ́. A bi Alhaji bóyá wọ́n ń lé èèyàn ni, wọ́n ní rárá, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìwé ìlélé yàtọ̀ pátápátá. Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 fi oṣù 6 sílẹ̀ fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, tí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù bó ṣe kan ilé gbígbé.

Ibi ìfọwọ́sí náà gba ìṣọ́ra. Alhaji fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkéde, a lẹ ọ̀kan mọ́ ara géètì, oníkálukú sì gba tirẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá kọ sí ẹ̀dà onílé ni “Ìwé yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́” pẹ̀lú ọjọ́. Wọn ò kọ “Mo fara mọ́ ọn.” Ẹni tó bá kọ ìyẹn ti gba 180,000 nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó kù.

Wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Ìyá mẹ́ta ló lọ, wọn kò dá ọ̀rọ̀ géètì tàbí ti ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀ rárá, nọ́ńbà 5 nìkan ni wọ́n gbé lọ. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, a kò fi báírò pa nọ́ńbà kankan rẹ́ lára ìwé àkọ́kọ́, torí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní yí padà. Ìwé tuntun la kọ, Mọ́ńdè, ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2025: “Àtúnṣe sí nọ́ńbà 5 nínú ìkéde ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2025. Owó ṣọ́ọ̀bù yóò di 160,000 náírà lọ́dún. Nọ́ńbà 1 sí 4 kò yí padà.”