Sákíìtì Kan, Ìṣòro Mẹ́ta

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó pé ọdún kan ní yunifásítì, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹsítọ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbà tí bátìrì bá di méjì ni nǹkan máa ń dojú rú. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n pín sákíìtì sí ojú-ojú bíi ti àwọ̀n, kí wọ́n fún ojú kọ̀ọ̀kan ní ìṣàn iná tirẹ̀, kí wọ́n sì lo òfin tí Gustav Kirchhoff gbé jáde ní 1845, nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Königsberg: bí a bá yí ojú kan po, iye fóltì tí bátìrì mú wá ni rẹsítọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ tán.

Olùkọ́ tó ní wákàtí kan péré kò nílò àwòrán mẹ́ta. Ẹyọ kan tó, tí yóò máa yí nǹkan padà nínú rẹ̀.

Lápá òsì, bátìrì fóltì 12 àti rẹsítọ̀ óòmù 2. Láàárín, rẹsítọ̀ óòmù 4 tí ojú méjèèjì jọ ni. Lápá ọ̀tún, óòmù 4 mìíràn. Ìṣàn méjèèjì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí:

6I₁ − 4I₂ = 12
−4I₁ + 8I₂ = 0

2 àti 4 tó wà lójú òsì ló di 6. Àmì àyọkúrò wà níwájú 4 nítorí pé ìṣàn méjèèjì dojú kọ ara wọn nínú rẹsítọ̀ àárín. Ìdáhùn jẹ́ áńpíà 3 àti 1.5, ọ̀nà àtijọ́ sì jẹ́rìí sí i: óòmù 4 méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di 2, a fi 2 kún un, ó di 4, 12 tí a fi 4 pín jẹ́ 3.

Ìṣòro kejì ló yẹ kó gba àkókò jù. Olùkọ́ fi bátìrì fóltì 12 sí apá ọ̀tún náà, kí ojú rere rẹ̀ wà lókè bíi ti òsì. 0 nìkan ló yí padà, ó di −12. I₁ jẹ́ 1.5, I₂ jẹ́ −0.75. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré pa àmì àyọkúrò yẹn rẹ́, wọ́n á rò pé àwọn ṣì í kọ ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ o: iná apá ọ̀tún ló ń ṣàn lódìkejì. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n yí ojú òsì po fúnra wọn. Bí àmì bá wà níbẹ̀, ìṣàn àárín jẹ́ 2.25, rẹsítọ̀ rẹ̀ jẹ fóltì 9, èkejì jẹ 3, ó pé 12. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ìṣàn àárín á jẹ́ 0.75, gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ 6 péré.

Ní ti ìkẹta, bátìrì ọ̀tún àti rẹsítọ̀ àárín á kúrò. Ohun tó ń ti áńpíà 1.5 lọ sókè nígbà gbogbo ló rọ́pò rẹsítọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó mọ fóltì rẹ̀, nítorí náà etí ìta ni wọ́n á gbà yí po:

2I₁ + 4I₂ = 12
I₂ − I₁ = 1.5

Ìdáhùn jẹ́ 1 àti 2.5. Ẹni tó bá ka fóltì náà sí òdo á rí 6 lápá òsì àti 0 lápá ọ̀tún, ìyàtọ̀ wọn kò sì jẹ́ 1.5.

Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, kí olùkọ́ ya sákíìtì tí wáyà rẹ̀ gorí ara wọn, tí kò sí bí a ṣe lè tún un yà kí wọ́n má pàdé. Ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀; fóltì oríta kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa ṣírò, ìyẹn sì di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.