Owó Àsansílẹ̀ Kì í Di Owó Iṣẹ́ Ní Ọjọ́ Tí A Gbà Á

Ní oṣù Karùn-ún, alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wá bá wa ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà a máa ṣe sọ́fúwíà, èyíinì ni ètò orí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń kọ léjà ìfipamọ́ àti owó yíyá. Kì í ta ètò náà fún ni pátápátá. Àsansílẹ̀ ọdọọdún ni ó ń gbà: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lò ó yóò san ₦240,000, yóò sì lò ó fún oṣù 12. Nísinsìnyí wọ́n ń wá àwọn tí yóò ra ṣíà lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ yìí sì ń rò ó láti fi ₦5,000,000 sí i nínú owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ìwé náà dùn ún wò. Ọdún àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ta ètò yìí ni ó sọ̀rọ̀ bá, ọdún tó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ 30 ni ó san àsansílẹ̀. Owó tó wọlé jẹ́ ₦7,200,000. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó iná, àti owó ẹ̀rọ tí wọ́n yá láti fi gbé ètò náà jẹ́ ₦4,100,000. Èrè tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ jẹ́ ₦3,100,000, àwọn olùdarí sì ti dábàá pé kí wọ́n pín ₦1,500,000 nínú rẹ̀. Alága wí fún wa pé, “Ọ̀gá, ilé-iṣẹ́ tó jèrè mílíọ̀nù mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́, kí la tún ń wá?”

A bi í léèrè pé ọjọ́ wo ni àwọn ẹgbẹ́ 30 náà san owó wọn. Kò sí ìdáhùn nínú ìwé náà. Akọ̀wé tẹ ilé-iṣẹ́ náà láago, wọ́n sì sọ fún un pé ẹgbẹ́ 10 san ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ 20 yòókù sì san ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá. Ọ̀rọ̀ náà yí padà níbẹ̀.

Ẹni tó san ₦240,000 ní oṣù Kẹwàá kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà tí ọdún fi parí. ₦20,000 ni ti oṣù kan, nítorí náà ₦60,000 péré ni ilé-iṣẹ́ náà ti ṣiṣẹ́ fún. ₦180,000 tó kù, iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n jẹ ẹgbẹ́ náà. Owó náà wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Akápò ẹgbẹ́ náà, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Ó ní, “Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ gba owó iṣẹ́ aṣọ ẹbí láti ọwọ́ ogún ènìyàn, tó rán márùn-ún, tó wá ń ka owó ogún bí èrè.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n láti inú ẹgbẹ́ yín: ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní báńkì kì í ṣe èrè ẹgbẹ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé owó ni ẹgbẹ́ yóò san padà fún ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ yìí yóò fi san gbèsè tirẹ̀.

Kì í ṣe àwa ni a gbé ìlànà yìí kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìlànà ìṣirò owó fún àgbáyé, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé èyí tí wọ́n ń pè ní IFRS 15 jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018. Ohun tó béèrè kò le: kí ni o ṣèlérí fún oníbàárà, eélòó ni owó ìlérí kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni o sì mú un ṣẹ? Bí ìlérí náà bá jẹ́ pé ètò náà yóò wà ní ṣíṣí fún oníbàárà lójoojúmọ́ fún ọdún kan, ojoojúmọ́ ni a ń mú un ṣẹ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni owó rẹ̀ yóò máa di owó iṣẹ́.

Nínú léjà, ọ̀nà méjì ni kíkọ rẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ tí ₦240,000 bá wọlé, a óò kọ ọ́ sí owó báńkì ní ọwọ́ kan, a óò sì kọ iye kan náà sí ọ̀wọ́ gbèsè tí àwa a máa pè ní gbèsè iṣẹ́ ní ọwọ́ kejì. A kò ní kọ kọ́bọ̀ kan sí owó iṣẹ́ ní ọjọ́ yẹn. Bí oṣù bá ti ń parí, a óò máa yọ ₦20,000 kúrò nínú gbèsè iṣẹ́, a óò sì gbé e sínú owó iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12, gbèsè náà ti tán. Bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù, àwọn mìíràn a máa ka ọjọ́, àwọn mìíràn a sì máa ka ìlàjì oṣù. Kò sí ìjà nínú ìyẹn, bí wọ́n kò bá ṣáà ti ń yí i padà bí ó ti wù wọ́n.

A wá jókòó, a tún ìṣirò náà ṣe níwájú wọn. Ẹgbẹ́ 10 tó san ní oṣù Kẹrin ti lo oṣù mẹ́sàn-án, ₦180,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦1,800,000. Ẹgbẹ́ 20 ti oṣù Kẹwàá ti lo oṣù mẹ́ta, ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦1,200,000. Owó iṣẹ́ ọdún náà jẹ́ ₦3,000,000. Nígbà tí a yọ ìnáwó ₦4,100,000 kúrò, òfò ₦1,100,000 ni ó kù, kì í ṣe èrè. Gbèsè iṣẹ́ tó yẹ kó wà nínú bálánsì ṣíìtì jẹ́ ₦4,200,000. Ìwé tí wọ́n mú wá kò ní ìlà kankan fún un.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ẹ wo owó tó wà ní báńkì: ₦7,200,000 tó wọlé, a yọ ₦4,100,000, ó ku ₦3,100,000. Bí wọ́n bá pín ₦1,500,000, yóò ku ₦1,600,000. Ìnáwó wọn sún mọ́ ₦342,000 lóṣù. Owó tó kù kò lè gbé wọn tó oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ wọ́n jẹ ẹgbẹ́ 20 ní iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án. Àfi bí àwọn ti oṣù Kẹrin bá tún san, tàbí kí ẹlòmíràn mú owó wá. Ẹlòmíràn náà, ẹ̀yin ará, ni ẹgbẹ́ tó jókòó níwájú wa pẹ̀lú ₦5,000,000.

Nítorí náà a bi wọ́n nípa àwọn ti oṣù Kẹrin, nítorí ọjọ́ wọn ti kọjá. Ilé-iṣẹ́ náà ní gbogbo wọn ṣì wà. Ó yẹ kí ẹ mọ bí àsansílẹ̀ ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Oníbàárà ti fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọdún bá pé, ẹ̀rọ yóò gbìyànjú láti yọ owó ọdún tuntun. Bí káàdì bá ti kú, tàbí tí owó kò bá sí nínú àkáǹtì, báńkì yóò kọ̀. Ẹ̀rọ yóò tún gbìyànjú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn yóò sì fi ètò náà sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀ kí oníbàárà lè rí àyè san. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí wọ́n tì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń yọ owó àti ẹ̀ka tó ń kọ léjà a máa yàtọ̀ síra, ìròyìn kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àwọn oníléjà á máa gbé ₦20,000 sínú owó iṣẹ́ lóṣooṣù lórí orúkọ ẹni tí kò san nǹkan kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, káàdì ẹgbẹ́ mẹ́ta ti kọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́ta náà kò sì ní in lọ́kàn láti tẹ̀síwájú. ₦60,000 lóṣù ni wọ́n ń kà tí kò sí níbì kankan.

Àṣìṣe mìíràn tó súnmọ́ èyí ni ti ínfọ́ìsì. Ilé-iṣẹ́ mìíràn a fi ínfọ́ìsì ọdún tuntun ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, wọn a sì kọ ọ́ bí ẹni pé oníbàárà ti jẹ wọ́n ní gbèsè. Bí oníbàárà bá ṣì lè sọ pé òun kò ṣe mọ́, tí kò sì tíì san nǹkan kan, ínfọ́ìsì náà kò ju ìwé ìbéèrè lọ. Kò yẹ kó wà nínú owó iṣẹ́, kò sì yẹ kó wà nínú gbèsè tí a jẹ wọ́n. Owó orí ọjà náà ńkọ́? Lórí ₦240,000, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ₦18,000. Ti ìjọba ni, ilé-iṣẹ́ kàn bá wọn gbà á ni. Kì í di owó iṣẹ́ láéláé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro díẹ̀ ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ti ń rò ó láti máa gba ₦60,000 lọ́wọ́ oníbàárà tuntun. Akọ̀wé béèrè bóyá ìyẹn lè di owó iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìdáhùn wa ni pé ó dá lórí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́ náà lórí ètò wọn ni, ẹgbẹ́ kò rí nǹkan kan gbà tó lè wúlò fún un láìsí àsansílẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ tàn ká bí àsansílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán olùkọ́ wá láti fi ọjọ́ méjì kọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ẹlòmíràn náà lè wá kọ́ ọ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, owó rẹ̀ sì di owó iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ yín, ẹ béèrè ìwé kan ṣoṣo: àkọsílẹ̀ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, iye tó san, àti iye tó ṣẹ́kù láti ṣiṣẹ́ fún. Ẹ ro iye tó ṣẹ́kù pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá gbèsè iṣẹ́ inú bálánsì ṣíìtì mu. Lẹ́yìn náà, ẹ mú orúkọ mélòó kan, kí ẹ sì fi wọ́n wé ìwé báńkì láti mọ̀ bóyá owó náà wọlé. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti parí tí owó tuntun kò sì wọlé, kò yẹ kí ₦20,000 rẹ̀ ṣì máa jáde lóṣooṣù.

Kò túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà burú. Òfò ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun àjèjì fún ẹni tó ń ta àsansílẹ̀, nítorí ìnáwó ló máa ń ṣáájú, owó iṣẹ́ a sì máa tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ méje nínú mẹ́wàá tún san, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn olùdarí ti fa àbá pípín owó náà sẹ́yìn, oníṣirò owó wọn sì ti tún ìwé náà kọ. Ní oṣù Kẹwàá ni ẹgbẹ́ 20 yòókù yóò pinnu bóyá wọn yóò tún san. Ẹgbẹ́ tó wá bá wa ti sún ìpinnu tirẹ̀ sí oṣù Kọkànlá.